Awò Tó Ń Jẹ Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Orí ènìyàn mẹ́rìnlélógún ló máa ń wà lórí kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́ mùsùlùmí wa ní Peckham. Láti àyà sókè ni. A ó gé olúkúlùkù kúrò nínú fọ́tò tirẹ̀, a ó sọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nù, ìbáà ṣe ògiri, ìbáà ṣe fíríìjì, a ó wá tò wọ́n sórí àwọ̀ ewé kan náà, Lèmọ́mù láàárín, àwọn yòókù yí i ká bí adìyẹ ṣe ń yí ẹni tó gbé àgbàdo dání ká.

Bí a bá tẹ kàlẹ́ńdà yìí tán, ìdajì rẹ̀ kì í gbé London. Ilé ló ń lọ. Ẹni tí kò rí àyè lọ sílé láti ọdún gbọọrọ, kàlẹ́ńdà á bá a lọ. Wọn á gbé e kọ́ sí pálọ̀ ní Ìsẹ́yìn, ní Ìwó, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ọdún á sì parí, ẹnikẹ́ni ò ní yọ ọ́ kúrò. Mo mọ ilé kan ní Ìsẹ́yìn tí kàlẹ́ńdà mọ́kànlá wà lórí ìṣó kan ṣoṣo. Ìṣó náà ti ń bẹ Ọlọ́run.

Èmi ni mo máa ń ya fọ́tò náà. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni mí báyìí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì ka ti kẹrin lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé olùkọ́ fẹ́ràn mi, kò fẹ́ kí n lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ̀ nípa fọ́tò, ẹ jókòó. Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ó lè ya ènìyàn tí kò sí nílé. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó lọ bi ọ̀gá mi. Ó ti kú.

Ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ṣe iṣẹ́ kàlẹ́ńdà kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbẹ́ Rye Lane ló wà, ọmọbìnrin kan ló ni ín, ọmọ wa ni, ṣùgbọ́n Peckham níbí ni wọ́n bí i sí. Ó ń tẹ nǹkan sára ife, ó ń tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, ó ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Yorùbá rẹ̀ ń ṣe bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ọ́, kò tijú. Ó fún mi ní àga kan lẹ́bàá fèrèsé. Ó ní èmi ni olùdámọ̀ràn. Mo mọ̀ pé nítorí pé bàbá rẹ̀ ti lọ ni. Èmi náà sì ń dá àmọ̀ràn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀ sí Ìyá Àdínì wa. Òun ni olórí àwọn obìnrin nínú ẹgbẹ́, ó sì ju àádọ́rin ọdún lọ. Awò ojú rẹ̀ nípọn, ó nípọn débi pé tí oòrùn bá wọ inú rẹ̀, mo ti rí i tó fi dá iná sí èédú. Ó dáa, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n ó nípọn. Férémù rẹ̀ jẹ́ wúrà tín-ín-rín, bí irun ológbò.

Lọ́dún náà, kùrukùru ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì. Àwọn dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lọ́jọ́ Wednesday, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn yóò fi gíláàsì kékeré kan sínú ẹyin ojú gan-an, kò ní nílò awò tó nípọn mọ́ láéláé. Gbogbo wa ń bá a yọ̀. Òun kò yọ̀. Ó pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Monday.

"Bàbá Fọ́tò, ẹ wá yà mí kí wọ́n tó gba awò lójú mi."

"Ìyá Àdínì, ẹ ò ṣe dúró kí ojú yín mọ́, kí ẹ wá jókòó bí ọmọge?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ọmọge kankan. Èmi ló mọ̀."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó ń súnmọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, kì í dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Òun ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, òun náà ló sì fà á lọ́wọ́ lọ sí Ìbàdàn lọ gba awò àkọ́kọ́, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Wọn ò tíì fojú kan ara wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà ló kọ́kọ́ dí Ìyá Àdínì lọ́wọ́, nígbà tí ìwé fi máa tò, orúnkún dá a dúró. Tí wọ́n bá fi fóònù pè é kí wọ́n lè rí ara wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gé ojú wọn sí wẹ́wẹ́ bí ẹ̀fọ́, ìyá àgbà á ní kí wọ́n gbé e kúrò, pé àwòrán tó ń mì ń mú kí òòyì kọ́ òun lójú. Kàlẹ́ńdà ló fẹ́. Wọn á gbé e kọ́ sí òdìkejì bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Ẹ fi ránṣẹ́ sí i kí ó wò ó kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́," Ìyá Àdínì ní. "Ọmọ ọmọ rẹ̀ á fi hàn án lórí fóònù. Tí ẹ̀gbọ́n mi ò bá dá mi mọ̀, ẹ yọ mí kúrò lórí kàlẹ́ńdà yín. Mo búra."

Kí Ìyá Àdínì má sí lórí kàlẹ́ńdà? Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ á fi mí jẹun.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé rẹ̀ ní Bermondsey. Mo gbé aṣọ funfun dání nínú báàgì, èyí tó yẹ kí n ta sẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn tó funfun, tí kò ní nǹkan kan nínú, ni ó rọrùn láti gé ènìyàn kúrò nínú rẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ yìí, kì í ṣe ìtàn. Ṣùgbọ́n Ìyá Àdínì gbé mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin méjì síwájú mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi nípa ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ tó fẹ́ ìyàwó tuntun tí ìyàwó àgbà kò mọ̀. Ẹ̀yin náà, ta ni yóò rántí aṣọ? Nígbà tí mo fi máa jí, ó ti dúró síwájú kọ́tínì ìdáná rẹ̀. Kọ́tínì náà pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Mo yà á bẹ́ẹ̀. Ó yí ojú sápá kan díẹ̀, ó ní ẹ̀gbẹ́ tó dára lára òun nìyẹn. Aṣọ funfun bá mi padà sílé láìtú ìdì rẹ̀.

Lọ́jọ́ Wednesday wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú kìn-ín-ní fún un. Wọ́n fi nǹkan bo ojú náà. Ẹni tó ń gbé kàlẹ́ńdà lọ sílé ń wọ ọkọ̀ òfurufú ní Saturday, Friday ni a gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́. Fọ́tò kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ mi la ní, kò sí pé a tún un yà.

Ní òwúrọ̀ Thursday, ọmọbìnrin oníṣọ́ọ̀bù ti gé ènìyàn mẹ́tàlélógún tán kí n tó dé. Bátìnì kan ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, tí ó bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á ronú díẹ̀, gbogbo ẹ̀yìn fọ́tò á pòórá, ènìyàn nìkan á kù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo dìde kúrò lórí àga. Nígbà tiwa, abẹ ni. Abẹ tí a fi ń fá irungbọ̀n, ní ìdajì. Mo ti fi abẹ kan gé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́gbẹ́jọdá tó jẹ́ ọgọ́ta ènìyàn, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn, mo sì tún fi abẹ náà fá irungbọ̀n mi lọ kí Jímọ̀.

"Ìyá Àdínì ló kù, Uncle," ó ní. Ó tẹ bátìnì.

Kọ́tínì lọ. Ìyá Àdínì dúró sórí àwọ̀ ewé. Ó dára. Mo súnmọ́ ọn. Kò dára.

Nínú awò rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí ó jìnnà sí wa, láàárín férémù àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kọ́tínì kù síbẹ̀. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun, ó sì pọ́n bí ìyeyè. Ẹ̀rọ rò pé awò jẹ́ ara ènìyàn, ó gbà bẹ́ẹ̀, kò sì mọ̀ pé ohun tí a ń rí láàárín gíláàsì kì í ṣe ti ènìyàn.

"Kò sí ẹni tó máa rí i," ọmọbìnrin náà ní.

"Ìwọ, ojú alángbá ni o gbé fún ìyá."

"Uncle, ẹ jọ̀ọ́, allow it." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń bẹ ènìyàn níbí kí ó fi nǹkan sílẹ̀ nìyẹn. Mi ò fi sílẹ̀.

Ó wá ṣe ohun tó rọrùn. Ó ní kí kọ̀ǹpútà wá gbogbo ohun tó bá pọ́n bí kọ́tínì, kí ó gbé e kúrò. Kọ̀ǹpútà ṣe é. Oṣù tuntun lọ. Ṣùgbọ́n férémù wúrà náà, òun náà pọ́n, ó bá a lọ. Dídán tí fèrèsé ń dán lójú gíláàsì bá wọn lọ pẹ̀lú. Ìyá Àdínì wá dà bí ẹni tí eku jẹ awò rẹ̀ ní ìdajì. Ibi tó yẹ kí gíláàsì wà di ihò gbàgà, àwọ̀ ewé gba ibẹ̀ yọ bí ẹni yọ orí lójú fèrèsé.

A rẹ́rìn-ín títí. A dá a padà sí bó ṣe wà.

Ibẹ̀ ni mo ti dá sí i. Kí n sọ òtítọ́, ìgbéraga mi ló dá sí i. Mo wo oṣù tuntun yẹn dáadáa, mo rí ohun tó fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Àdínì ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀, ó kún, ó yí, ṣùgbọ́n bó ṣe wọ inú gíláàsì, ó sún wọlé, bí ẹni pé ẹnì kan bù ú jẹ. Tó bá jáde sókè lórí férémù, ó tún kún padà. Mo ní, aṣìṣe nìyí. Mo ní, ìyá yìí kì í ṣe oníhò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Fi ẹran ara kún un," mo sọ fún ọmọbìnrin náà. "Bu díẹ̀ nínú awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó pọ́n yẹn. Kí ojú rẹ̀ lè tò."

"Ẹ sure, Uncle?"

"Mo ti ń tún ojú ènìyàn ṣe kí wọ́n tó bí ìyá rẹ. Mo ti yọ àpá ṣànpọ̀nná kúrò lójú ọba."

Ó ṣe é. Ó mọṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀. Nígbà tó tán, ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ìyá Àdínì lọ tààrà láti àgbọ̀n dé ẹ̀bátí, kò sí ìpọ́n, kò sí ihò, férémù wúrà wà ní pípé. Ó rẹwà. Mo gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Mo ní kí ó fi ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ìdáhùn dé lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́, ohùn ìyá àgbà fúnra rẹ̀, ó tínrín ṣùgbọ́n kò wárìrì. Ọmọbìnrin náà gbé fóònù sáàárín wa.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará London. Mo rí i. Obìnrin yìí lẹ́wà, ẹ bá mi kí i." Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n àbúrò mi dà?"

Mo gbé ẹsẹ̀ mi sọ̀ kalẹ̀.

"Ó ti darúgbó ni," mo ní. "Ojú rẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Ọmọbìnrin náà tún ohùn náà gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá béèrè ohun kan tí mi ò retí: "Uncle, ẹ̀yin ti mọ Ìyá Àdínì tipẹ́. Báwo ló ṣe máa ń rí?"

Ọ̀rọ̀ náà mú mi padà. Mi ò tíì ronú kan North Peckham, ọgbà ilé alájà tí mo kọ́kọ́ dé sí, láti ìgbà pípẹ́, kí wọ́n tó wó o lulẹ̀ tí wọ́n kọ́ ilé tuntun sí i. Àwọn ọ̀nà gígùn tó gba òkè lọ láti ilé dé ilé, tí o lè fi rìn láti ìkángun kan dé èkejì láìfi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, tí o bá mọ ọ̀nà. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo rìn nínú rẹ̀ títí mo fi gbàgbé ìlú tí mo ti wá. Mo wà nínú ilé yẹn fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń jẹ búrẹ́dì, mo ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ológbò.

Ẹni tó wá rí mi níbẹ̀ ni òun. Kì í ṣe Ìyá Àdínì nígbà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ ìgbálẹ̀ òwúrọ̀ ni, ó gbé ìrẹsì àti ẹja sínú ọ̀rá. Òjò ń rọ̀. Ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ mi, ó wo kámẹ́rà ọrùn mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń ya òjò ni?" Mo yíjú, ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Mo rí i báyìí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Òjò lójú gíláàsì, férémù, àti nínú gíláàsì náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó sún wọlé, bí ẹni pé ojú tó wà nínú awò kéré ju ojú tó wà níta lọ.

Àwọn ọmọdé orí òkè yẹn mọ̀ ọ́n. Wọn a sá tẹ̀ lé e, wọn a máa pariwo pé, "Aunty, awò yín ń jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín!" Òun a yọ bàtà kan, a lé wọn dé ibi àtẹ̀gùn, a sì padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo ti gbé ojú yẹn lọ́kàn fún ogójì ọdún ó lé, mo sì jókòó lórí àga lọ́jọ́ Thursday, mo ní kí wọ́n dí i.

"Ó máa ń rí bó ṣe rí nínú fọ́tò," mo sọ fún ọmọbìnrin náà. "Gíláàsì tó nípọn báyẹn, ó máa ń sún ojú wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń rí i láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá. Èmi ni mo ba iṣẹ́ jẹ́. Yọ awọ tí mo ní kí o lẹ̀."

Ó wò mí. N kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Ó wo ọ̀run bóyá òjò fẹ́ rọ̀.

A bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní nínú kọ̀ǹpútà, fọ́tò kì í ṣe ìwé kan, ó dà bí gíláàsì tí wọ́n tò lé ara wọn, ibi tí èyí tó wà lókè bá ti lu, èèyàn á rí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọ̀ ewé wà nísàlẹ̀ pátápátá, Ìyá Àdínì wà lórí rẹ̀. Ó mú férémù wúrà lákọ̀ọ́kọ́. Kò tún jẹ́ kí ẹ̀rọ dá sí i. Ó ń fi àmì tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ tọ etí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, ó tọ̀ ọ́ dé apá awò tó wọ abẹ́ ìborùn. Lẹ́yìn náà ó yí oṣù tuntun náà ká, oṣù yẹn nìkan, láàárín férémù àti ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wà nínú gíláàsì, ó sì bo kọ́tínì ibẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Mi ò pa á rẹ́ o, Uncle. Mo kàn fi í pamọ́ ni. Tí ẹ bá tún fẹ́ bà á jẹ́, a lè mú un padà."

"O ṣeun, ọmọ rere."

Àwọ̀ ewé yọ níbẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà sún wọlé bó ṣe yẹ. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà mo fi ojú kan wò ó, mo fi èkejì wò ó. Àwọ̀ ewé inú awò àti èyí tó wà níta kò yàtọ̀ síra rárá. Ó dà bí férémù lásán, bí awò tí ọmọdé fi wáyà ṣe.

"Kò sí gíláàsì níbẹ̀," mo ní.

"Gíláàsì ò ní àwọ̀, Uncle. Báwo la ṣe máa fi nǹkan tí kò ní àwọ̀ hàn?"

Ẹ wò ó, ìbéèrè yẹn gan-an ni mo bi ọ̀gá mi ní Abẹ́òkúta. Nígbà náà, tí a bá fẹ́ kí ẹ̀yìn ènìyàn funfun, a ó kun ọ̀dà pupa sórí fíìmù, yíká orí rẹ̀. Ibi tí a bá fi ọ̀dà bò, ìmọ́lẹ̀ ò ní kọjá níbẹ̀, ìwé á sì funfun. Mo kun ti tísà kan, mo kun inú awò rẹ̀ náà mọ́ ọn, ọ̀gá mi lu ọwọ́ mi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì. Ó ní, "Ìta, kùn ún kó dí. Inú awò, bu omi sí i." Ó po ọ̀dà náà pẹ̀lú omi títí ó fi dà bí omi zobo tí wọ́n ti fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sì fi kan inú awò fẹ́ẹ́rẹ́. Nígbà tí fọ́tò jáde, ìta funfun, inú awò kò funfun tó ìta, bí èéfín ṣe máa ń kọjá. Ẹ rí gíláàsì níbẹ̀. Ọ̀gá mi ò jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan awò mọ́ fún oṣù mẹ́fà. Ọdún mẹ́fà ni mo máa ń sọ, ṣùgbọ́n oṣù ni.

"Bu omi sí i," mo ní.

"Sí kọ̀ǹpútà?"

"Sí àwọ̀ ewé! Inú awò kò gbọdọ̀ tàn bí ìta. Kí ó ṣú díẹ̀. Kí dídán fèrèsé yẹn sì padà wá jókòó lórí rẹ̀. Dídán yẹn ni gíláàsì. Òun nìkan ló ní."

Mo rí i tí ojú rẹ̀ là. Ó mú ẹ̀dà awò náà láti inú fọ́tò àkọ́kọ́, ó gba àwọ̀ kúrò lára rẹ̀ kí ìpọ́n kọ́tínì má bàa tẹ̀ lé e, ó di dúdú àti funfun. Ó fi kún òkùnkùn rẹ̀. Ó wá gbé e lé orí gbogbo rẹ̀, ó sì yí nǹkan kan padà tó jẹ́ pé ohun tó dúdú nínú rẹ̀ pòórá, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù. Fèrèsé ìdáná Ìyá Àdínì padà wá, kékeré, ó tẹ̀, ó jókòó ní igun gíláàsì, ìdajì rẹ̀ lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìdajì lórí àwọ̀ ewé. Ó sì mú àwọ̀ ewé inú oṣù tuntun náà ṣú díẹ̀, díẹ̀ báyìí, kò tó ohun tí èèyàn ń sọ. Ìpọ́n kan tún kù lára etí ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí kọ́tínì ti tan mọ́ ọn, ó pa ìyẹn náà.

Ó fà sẹ́yìn lórí àga. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì kan kọjá níta.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní, pẹ̀lú ohùn kékeré. Kò sọ èwo nínú méjì ló ní lọ́kàn, gíláàsì ni tàbí ìyá. Èmi náà ò béèrè.

A fi ránṣẹ́. A dúró. Mo jẹ gúgúrú tó wà nínú àpò mi tán. Ọmọbìnrin náà ń tẹ ife fún oníbàárà kan, ṣùgbọ́n mo rí i tó ń yọjú wo fóònù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ronú ohun tí mo máa sọ fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́. Mo ti rí irọ́ mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn dára gan-an.

Fóònù dún. Ohùn ìyá àgbà ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa ló ń bá sọ̀rọ̀ rárá.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ nìyí. Ibo lo ti wà látàárọ̀?" Ohùn náà sún mọ́ fóònù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "O ti rù. Ṣé wọn ò ní ẹ̀kọ níbẹ̀ ni? Kó jókòó, kó jẹun. Ẹ sọ fún un, kó jẹun."

Lẹ́yìn ìyẹn ọmọ ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó ní ìyá àgbà kò jẹ́ kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, bátìrì fóònù sì ti fẹ́ kú. Ọmọbìnrin oníṣọ́ọ̀bù yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń tún àwọn ife tò. Wọ́n ti tò tẹ́lẹ̀.

A tẹ kàlẹ́ńdà náà ní Friday kí a tó lọ kí Jímọ̀. Ó lọ sílé ní Saturday.

Nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ti ṣe ojú kejì, Ìyá Àdínì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù. Mi ò mọ̀ ọ́n. Kò sí awò. Ẹyin ojú rẹ̀ tóbi, ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ láti gbogbo ọdún yìí wá, nítorí pé gíláàsì yẹn ti máa ń sọ ọ́ di kékeré. Ó ní òun fẹ́ wo kàlẹ́ńdà tí ẹ̀gbọ́n òun ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀, tó ń kí kó tó kí àwọn tó wà nínú ilé.

Ọmọbìnrin náà nà án sí i. Ìyá Àdínì gbé e síwájú fèrèsé. Ó wo ara rẹ̀ pẹ́.

"Ṣé báyìí ni mo ṣe ń rí tí ẹ̀yin méjèèjì fi dákẹ́?"

"Ìyá Àdínì, ẹ máa ń wo dígí."

"Èmi tí mo bá yọ awò, mi ò rí dígí. Tí mo bá wọ̀ ọ́, awò ni mo ń rí." Ó fi ìka tọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti sún wọlé nínú gíláàsì, ó tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún tọ̀ ọ́. Mo rò pé yóò bínú. Ó ní, "Àṣé ojú tí ẹ̀gbọ́n mi ń pè ní tèmi nìyí. Ẹ ṣeun tí ẹ ò tún un ṣe."

Ọmọbìnrin oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Mo fi ojú kìlọ̀ fún un. "A ò jẹ́ dán an wò," mo ní.

Ìyá Àdínì ká kàlẹ́ńdà náà, ó ní òun ń mú un lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó wá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ pẹ̀lú ojú tuntun tí ìjọba fún un.

"Bàbá Fọ́tò! Ìgbà wo lẹ̀yin darúgbó tó báyìí?"

"Iná ṣọ́ọ̀bù yìí ni," mo ní. "Kò dára."